Pípaná àti Panápaná: Bí Àpètúnpè Ṣe Ń Bí Ọ̀rọ̀ Tuntun

Iná ń jó ní ilé kan, àwọn kan sáré dé, wọ́n sì pa á. Ohun tí wọ́n ṣe ni à ń pè ní pípaná. Àwọn tí wọ́n ṣe é ni à ń pè ní panápaná. Inú pa iná ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti jáde, a kò sì wá ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Àtúnpè lásán ni. Nínú pípaná, etí ọ̀rọ̀ náà nìkan la tún pè. Nínú panápaná, gbogbo rẹ̀ la tún pè láti orí dé ìdí. Ibẹ̀ ni ààlà iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ wà.

Àpètúnpè ni àwọn onímọ̀ gírámà ń pe ọgbọ́n yìí. Ayọ̀ Bámgbóṣé, tó kọ Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá ní 1990, àti Ọládélé Awóbùlúyì, tó ya odidi ìwé sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ṣíṣẹ̀dá ní 2008, Ẹ̀kọ́ Ìṣẹ̀dá-Ọ̀rọ̀ Yorùbá, wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn là wá lọ́yẹ̀ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tí Yorùbá bá tún ọ̀rọ̀ pè, ìtẹnumọ́ ni. Ìtẹnumọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́: kíá kì í ṣe ẹgbẹ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àpètúnpè ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ní òfin. Ìwọ̀n ohun tí a tún pè, àti ohun tí a fi sí àárín rẹ̀, ló ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ tuntun náà yóò jẹ́.

Í tó ń sọ ìṣe di orúkọ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù. Lọ di lílọ, rà di rírà, wá di wíwá, ṣe di ṣíṣe, gbà di gbígbà. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: a ó mú kọ́ńsónáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe náà, a ó fi fáwẹ̀lì í tẹ̀lé e, a ó wá so ó mọ́ iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ kò ní yí padà rárá. Fáwẹ̀lì yòówù tí ó ní, í ni a ó lò. Ohùn yòówù tí ó ní, ohùn òkè ni í yẹn yóò gbé. Gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá ló sì ń fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sí èyí tí kò ní ohun tí a lè mú. Gb tó wà nínú gbà, lẹ́tà méjì ni lójú, ìró kan ni létí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ gbígbà, tí kì í ṣe gígbà.

Tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá gùn, kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ nìkan la óò mú síbẹ̀. Gbàgbé di gbígbàgbé, pàdé di pípàdé, tóbi di títóbi. Òfin yìí kò mọ ọ̀rọ̀ àbáláyé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àyálò. Nígbà tí páàkì wọ èdè wa pẹ̀lú mọ́tò, pípáàkì tẹ̀lé e wọlé. Ẹni tó ń ṣáàjì fóònù kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ kó tó sọ pé ṣíṣáàjì rẹ̀ ń pẹ́ jù.

Bí í náà kì í ti í yí padà, orí ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìtumọ̀ dúró lé. Ẹ wo kíkọ, kíkọ́ àti kíkọ̀. Kíkọ lẹ́tà ni pé a mú bírò tàbí gègé. Kíkọ́ ilé ni pé a to búlọ́ọ̀kù. Kíkọ̀ ni pé a ní a kò ṣe. Ẹni tó bá kọ “kikọ” sínú ìwé ìròyìn láìfi àmì kankan sórí rẹ̀ ti da iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀ fún ẹni tí yóò kà á. Bákan náà ni sísun àti sísùn: àgbàdo sísun ni èyí tó ti orí iná bọ̀, ọmọ ni ó ni oorun sísùn.

Kí ni irú orúkọ yìí fi yàtọ̀ sí àwọn orúkọ mìíràn tó ti ara ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà jáde? Ẹ fi mímọ̀ wé ìmọ̀. Ìmọ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn ní, tí ó lè kó jọ, tí ó sì lè fún ẹlòmíràn. Mímọ̀ ni ìṣẹ̀lẹ̀ náà gan-an, pé ẹnì kan mọ nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni wíwà àti ìwà. Tí a bá sọ pé ìwà ọkùnrin kan dára, ọ̀nà tí ó ń gbà bá ènìyàn lò là ń sọ. Tí a bá sọ̀rọ̀ nípa wíwà rẹ̀ ní ibi ìpàdé, a kò sọ̀rọ̀ ìwà mọ́. Pé ó wà níbẹ̀ là ń sọ. Àpètúnpè kì í jẹ́ kí orúkọ jìnnà sí ìṣe tó bí i. Nítorí èyí ni a fi lè sọ pé “lílọ tí ó lọ” tàbí “dídé tí wọ́n dé”, tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà yóò tún wá fara hàn lẹ́yìn orúkọ tí ó bí.

Tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ní àbọ̀, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. A lè so wọ́n pọ̀ kí a tó tún un pè: kà àti ìwé di kàwé, ó sì di kíkàwé. A lè fi wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: kíka ìwé. A sì lè gbé àbọ̀ ṣíwájú: ìwé kíkà. Ọ̀nà kẹta yìí ló ń ní ojú méjì. “Omi mímu dára fún ara” ń sọ pé kí ènìyàn máa mu omi. “Kò sí omi mímu ní àdúgbò wa” kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ń mu. Irú omi ló ń sọ, èyí tó ṣeé mu. Ìṣe ni mímu nínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Nínú ìkejì, ó ti di ọ̀rọ̀ tó ń júwe omi.

Inú irú àpèjúwe bẹ́ẹ̀ la ti ń rí nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Láti ara kéré, a ní kíkéré, a sì ní kékeré. Láti ara kúrú, a ní kíkúrú àti kúkúrú. Nínú èkíní, í ló wà níwájú. Nínú èkejì, fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ la mú. Wọn kì í sì í ṣe iṣẹ́ kan náà. “Kíkéré tí yàrá náà kéré ló bí i nínú”: orúkọ nìyẹn. “Yàrá kékeré ni wọ́n fún un”: àpèjúwe nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé wọ́n fún òun ní yàrá kíkéré. Gbogbo àpèjúwe kọ́ ló tẹ̀lé ọ̀nà kékeré àti kúkúrú, nítorí gíga, gígùn àti títóbi ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pẹ̀lú í kan náà. Ṣùgbọ́n níbi tí méjèèjì bá wà, fáwẹ̀lì kékeré yẹn ló ń yà wọ́n.

Iṣẹ́ mìíràn tí í yìí ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí a tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ìṣe. Ká ní ẹnì kan bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ṣé ó ra aago ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó lè dáhùn pé, “Rárá, fífún ni wọ́n fún mi.” A kò lè fi “ni” tẹ̀lé fún lásán, nítorí orúkọ ni “ni” ń fẹ́ níwájú rẹ̀. Àpètúnpè ló sọ fún di fífún kí ó lè jókòó síbẹ̀.

Ibì kan wà tí í kò lè dé. Tí a bá fẹ́ sọ pé ohun kan kò ṣẹlẹ̀, a kì í fi àpètúnpè ṣe é. Òdì-kejì lílọ ni àìlọ, ti mímọ̀ sì ni àìmọ̀. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni àì- ń lẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó ń sọ pé àìlílọ. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa máa ń so méjèèjì pọ̀, etí àgbà sì máa ń mú un lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí a bá tún gbogbo rẹ̀ pè

Tí a bá fẹ́ ẹni tó ń ṣe é dípò ohun tí ó ń ṣe, a óò tún gbogbo rẹ̀ pè. Jà àti ogun di jagun, jagun di jagunjagun. La àti igi di lagi, ó di lagilagi. Mọ àti ilé di mọlé, ó di mọlémọlé. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣẹlẹ̀ kò yí padà: ọ̀rọ̀-ìṣe pàdé àbọ̀ rẹ̀, fáwẹ̀lì kan já dànù kí wọ́n lè di ọ̀kan, a sì tún odidi náà pè.

Ẹ jẹ́ kí a tú gbọ́mọgbọ́mọ wò, nítorí ó fi bí nǹkan ṣe ń lọ hàn dáadáa. Gbé ni ọ̀rọ̀-ìṣe, ọmọ ni àbọ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé, é já dànù, ṣùgbọ́n ohùn òkè tí ó gbé kò bá a lọ. Ó bọ́ sórí ọ tó bẹ̀rẹ̀ ọmọ, a sì ní gbọ́mọ. A wá tún un pè, ó di gbọ́mọgbọ́mọ. Ẹni tó bá kàn wo ìrísí rẹ̀ lè rò pé gbọ́, ti etí, ló wà nínú rẹ̀. Ohùn tó ṣẹ́kù sílẹ̀ yẹn ló mú kí ó jọ bẹ́ẹ̀.

Kí ni a jèrè nínú pípè é lẹ́ẹ̀méjì? Ẹni tó jagun lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe jagunjagun. Ẹni tó paná ilé aládùúgbò rẹ̀ lóru kì í ṣe panápaná. Ọ̀rọ̀ yìí ń sọ ẹni tí ìṣe náà ti di iṣẹ́ rẹ̀ tàbí ìwà tó ti mọ́ ọn lára. Ìdí nìyẹn tí a fi lè pe ẹni tí ó ń ka ètò lórí rédíò ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa la ń sọ̀rọ̀. Láyé ìjọba òyìnbó, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ń wọ agbo ilé láti yẹ àyíká àti ìkòkò omi wò, àwọn ènìyàn kò wá orúkọ jìnnà. Ilé ni wọ́n ń wò, wolé-wolé sì ni wọ́n ń jẹ́ títí dòní. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ kò sì ní láti jẹ́ ènìyàn. Àìsàn tó ń jẹ ìdí ni a pè ní jẹ̀díjẹ̀dí.

Àìfiyèsí àmì lè dá wàhálà sílẹ̀ níbí ju ibikíbi lọ. Kọ́lékọ́lé ni ẹni tó ń kọ́ ilé. Kólékólé ni ẹni tó ń wọ ilé onílé láti kó o. Àmì kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọ nìkan ló wà láàárín òṣìṣẹ́ àti olè. Ohùn náà lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Dá àti ọ̀nà ló bí dánà, tí ó bí dánàdánà, olè tó ń dá àwọn arìnrìn-àjò lọ́nà. Ṣùgbọ́n dá àti iná ló bí dáná, iṣẹ́ ìyá tó fẹ́ se oúnjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ohùn òkè sórí ná níbi tí ohùn ìsàlẹ̀ ti yẹ kó wà ti gbé olè lọ sí ilé ìdáná.

Ọ̀nà yìí náà ní ibi tó mọ. Kì í sábà gba ọ̀rọ̀-ìṣe tó dá dúró. Láti ara pa nìkan, a kò lè ní papa kí ó jẹ́ apànìyàn. A ní láti wá àbọ̀ fún un. Pa àti ẹni di pani, nígbà náà ni panipani tó lè jáde. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ó gba ọ̀nà yìí. Ẹni tó ń pa ẹja, apẹja ni a mọ̀ ọ́n sí jù. Ẹni tó ń kọ̀wé ní ọ́fíìsì, akọ̀wé ni. Tí ẹnì kan bá sọ pé pẹjapẹja, a ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n a- ti gba ipò náà kí ó tó dé.

Kí tó bọ́ sáàárín

A lè tún orúkọ pè, kí a sì fi kí sáàárín méjèèjì. Ọmọ, kí, ọmọ: ọmọkọ́mọ. Ẹni, kí, ẹni: ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gbé nínú gbọ́mọ náà ló ṣẹlẹ̀ sí kí níbí. Í rẹ̀ já dànù, ohùn òkè rẹ̀ sì bọ́ sórí fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé e. Ohun, kí, ohun di ohunkóhun. Níbi tí orúkọ bá ti ń fi i bẹ̀rẹ̀, bíi ilé, a ó rí ilékílé.

Ìtumọ̀ rẹ̀ pín sí méjì, ẹni tó ń kọ́ èdè wa máa ń ṣìnà níbẹ̀. “Ilékílé tí o bá rí nítòsí ọjà, bá mi gbà á.” Ẹni tó sọ èyí kò yan ilé, èyí tó bá wà, yóò gbé inú rẹ̀. “Ilékílé ni wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ náà.” Ẹni tó sọ èyí ń bínú, ilé tí kò dára ni wọ́n kọ́. Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, “tí o bá” ló fi ọ̀nà hàn wá. Níbi tí “bá” bá ti tẹ̀lé irú ọ̀rọ̀ yìí, èyí tó bá ṣáà ti jẹ́ ló máa ń túmọ̀ sí. Níbi tí a bá sì ti sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà nílẹ̀, aburú ló sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n tí ìyá kan bá sọ pé, “Má bá ọmọkọ́mọ rìn”, ọ̀rọ̀ tó ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè sọ bóyá kò fẹ́ kí ọmọ òun bá ọmọ kankan rìn, àbí àwọn ọmọ tí ìwà wọn kò dára ló ń sá fún.

Àwọn kan wà tí kò fi àyè sílẹ̀ fún iyèméjì. Ìsọkúsọ, ìjẹkújẹ àti ìṣekúṣe: kú ló wà láàárín wọn, wọn kì í sì í ní ìtumọ̀ rere. Ìdàkejì wọn ni ẹnikẹ́ni àti ohunkóhun, tí wọ́n ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, tí a kì í sì í gbọ́ ẹ̀gàn nínú wọn mọ́.

Ọdọọdún, méjì méjì, méjèèjì

Tí a bá tún orúkọ àkókò pè láìfi nǹkan kan sáàárín, kò sí ìgbà tí a yọ sílẹ̀ mọ́. Oṣù pàdé oṣù, ó di oṣooṣù. Ọdún pàdé ọdún, ó di ọdọọdún. Alẹ́ pàdé alẹ́, ó di alaalẹ́. Ẹ kíyè sí fáwẹ̀lì tó parí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Kò já dànù bíi ti gbé àti kí. Ó yí padà di irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì, ù di o, ún di ọ, ẹ́ di a, ó sì gba ohùn rẹ̀ pẹ̀lú. Àrànmọ́ ni àwọn onímọ̀ ń pe èyí.

Ibi tí owó tàbí oúnjẹ bá ti fẹ́ di ìjà ni àpètúnpè oǹkà ti wúlò jù. Ká ní ọmọ mẹ́ta ló jókòó, tí ìyá wọn sì ran àǹtí wọn pé kí ó fún wọn ní ọsàn. Tí ó bá sọ pé, “Fún wọn ní ọsàn méjì”, ọsàn 2 péré ló jáde, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò pín in. Tí ó bá sọ pé, “Fún wọn ní ọsàn méjì méjì”, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba 2, ọsàn 6 ni àǹtí yóò kà. Tí ó bá sì sọ pé, “Fún wọn ní ọsàn méjèèjì”, a mọ̀ pé ọsàn 2 kan wà tí àwọn méjèèjì, ìyá àti àǹtí, ti mọ̀ nípa rẹ̀, òun ni kí ó kó fún wọn tán.

Méjì méjì, a pè é lẹ́ẹ̀méjì ní pípé, ó sì ń pín nǹkan. Méjèèjì, méjì àti èjì ni, tí ì àkọ́kọ́ ti ràn mọ́ è tó tẹ̀lé e, gẹ́gẹ́ bí ù oṣù ṣe di o nínú oṣooṣù. Òun kì í pín nǹkan. Ṣe ni ó ń kó o jọ. Bẹ́ẹ̀ ni mẹ́ta àti ẹ̀ta ṣe di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí mẹ́rin àti ẹ̀rin sì di mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bí a ṣe lè dá a mọ̀

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tó dún lẹ́ẹ̀méjì ni àpètúnpè. Tòlótòló dún lẹ́ẹ̀méjì, labalábá náà dún bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí a lè gbà dá wọn mọ̀ ni pé kí a gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì, kí a wò ó bóyá ìdajì rẹ̀ lè dá dúró pẹ̀lú ìtumọ̀ tó bá odidi mu. Paná lè dá dúró. Jagun lè dá dúró. Kò sí ohun tó ń jẹ́ tòló, lábá kò sì sọ nǹkan kan fún wa nípa labalábá. Bí wọ́n ṣe wáyé nìyẹn. A kò fi ọwọ́ ṣẹ̀dá wọn láti ara ọ̀rọ̀ mìíràn.

Èyí tí a fi ọwọ́ ṣẹ̀dá ṣì ń pọ̀ sí i, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Yorùbá sì lè fi òfin wọ̀nyí ṣe tirẹ̀. Ẹ wo àwọn òṣìṣẹ́ mànàmáná tí wọ́n ń gun òpó láti já iná ẹni tó jẹ gbèsè. Já àti iná di jáná. Tí a bá mú kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ tí a sì fi í tẹ̀lé e, a ní jíjáná, iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe. Tí a bá tún gbogbo rẹ̀ pè, a ní jánájáná. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí láyé rẹ̀, tí ọmọ kan bá sáré wọlé wá sọ fún un pé àwọn jánájáná ti dé ẹnu ọ̀nà, kò ní béèrè ohun tó túmọ̀ sí. Rìsíìtì tí ó fi san owó iná tó kọjá ni yóò máa wá.